Kó Ọwọ́ Lé Itan Ná

Inú bí mi lọ́jọ́ tí a sin ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀, nítorí títí di òní, àwọn kan wà ní ìjọ wa tó máa ń sọ pé ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi jókòó nídìí dùrù láìtẹ nǹkan kan, tí gbogbo ènìyàn ń wò mí. Ẹ̀rù wo? Ìwé orin ni mò ń kà. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ojú ló ń ṣiṣẹ́ kí ọwọ́ tó ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí kò ní pè é.

Aránṣọ ni mí. Ní Bẹẹrẹ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹnu mi sì mú díẹ̀, àwọn oníbàárà mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dùrù títẹ̀, ti ọjọ́ Àìkú ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan lẹ́bàá òkè Màpó. Dùrù wa ti gbó, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì fẹ́ atẹ́gùn sí nínú kó tó lè dún. Ọ̀gá mi ti ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó bí mi, òun ló sì kọ́ mi.

Ẹsẹ̀ òsì ọ̀gá mi kò dá ṣáṣá láti kékeré. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Tó bá ń bọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀pá, kọ́; ẹsẹ̀ òsì á wọ́ tẹ̀ lé e, wọ̀ọ̀; ẹsẹ̀ ọ̀tún á wá gbé e síwájú. Ìsàlẹ̀ Òsì ni agbo ilé wọn, ó sì ní láti gun òkè kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sìn ín láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n náà, òun sì ni olórí agbo ilé wọn. Bàbá Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Àwọn méjèèjì á jọ rìn dé ìdajì òkè, ọ̀gá mi á fara ti ògiri ilé kan, á mí, ẹ̀gbọ́n á dúró tì í láìsọ̀rọ̀. Tí èémí bá ti padà sípò, àbúrò á máa gòkè lọ, ẹ̀gbọ́n á sì padà sílé. Mo ti bá wọn níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì máa ń kọjá kíákíá, nítorí ọ̀gá mi kì í fẹ́ kí n rí òun nígbà tó bá ń mí báyẹn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kọ́ mi, bó ṣe gbé ìwé orin síwájú mi ni mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ dùrù. Ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan ọrùn ọwọ́ mi.

“Ta ló ní kó o tẹ nǹkan? Kó ọwọ́ lé itan.”

Mo kó o lé itan. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà.

“Tí oníbàárà bá kó aṣọ wá fún ẹ, ṣé bó o ṣe gbà á lo máa ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́?”

Mo ní rárá o, mo máa tẹ́ ẹ ni, mo máa wo ojú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀, mo máa wò ó bóyá ó lábàwọ́n, bóyá òdòdó ara ẹ̀ kọjú sókè ni àbí sísàlẹ̀.

“O ò kúkú gọ̀. Tẹ́ orin náà sílẹ̀ kó o wò ó.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bi mí ni pé, “Níbo ni dò ń gbé?” Dò-rè-mì ni gbogbo wa mọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìlà márùn-ún tí wọ́n to nóòtì sí yẹn ń dẹ́rù bà wá. Ó ní kò sí ohun tó le níbẹ̀, pé kí n wo àwọn àmì tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Tó bá jẹ́ ṣáàpù, àmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, tì ni, dò sì wà lókè orí rẹ̀ gẹ́ẹ́. Tó bá jẹ́ fúláàtì, àmì tó ń fà á wálẹ̀ díẹ̀, èyí tó kẹ́yìn, fà ni, kí n kà á wálẹ̀ láti ibẹ̀ títí n ó fi kan dò. Lẹ́yìn náà, kí n ṣí ìwé dé ìparí, kí n wo nóòtì ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn orin, nítorí dò àti là jọ ń gbé ilé kan náà ni, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ló nilé. Bó bá jẹ́ là ló ti ilẹ̀kùn, orin náà máa ní ìbànújẹ́ nínú.

Ìbéèrè kejì: “Ìlù mélòó ló wà nínú iyàrá kan?” Iyàrá ló ń pe àárín ìlà òòró kan sí èkejì. Nọ́ńbà méjì tó gun ara wọn níwájú ìwé ló máa sọ fún èèyàn. Ti òkè ni iye ìlù.

Ìbéèrè kẹta ló fẹ́ràn jù: “Kòtò dà lójú ọ̀nà?” Ó ní kí n wá ibi tí ìwé ti dúdú jù, níbi tí nóòtì ti sùjọ, níbi tí àmì àjèjì ti yọjú, níbi tí nọ́ńbà ìlù ti yí padà. Kí n fi ìka tẹ ibẹ̀ lórí itan mi láìjẹ́ kí dùrù gbọ́. Ìyára tí mo bá lè fi gba inú kòtò tó burú jù ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ orin, kí n má ṣe jẹ́ kí iyàrá àkọ́kọ́ tàn mí jẹ nítorí pé ó rọrùn. Tí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn. “Tó o bá ṣì í, máa lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣa nóòtì tó jábọ́, ìlù á fi í sílẹ̀ lọ.”

Mo bá a jà lórí èyí. Mo ní ìtìjú ni kéèyàn ṣi nǹkan kó má tún un ṣe. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ojú kan lo ṣì, ojú méjì lo fẹ́ sọ ọ́ dà.”

Ní nǹkan bí ọdún kan kó tó kú, mo bá a nídìí dùrù tó ń fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan. Ó ní orin ìgbókùújáde òun ni, èyí tí n ó fi sin òun kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo na ọwọ́ sí i kí n lè gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó gbá ìwé náà mọ́ àyà.

“Èèwọ̀! Wọ́n ń fi orin òkú dánra wò lójú ẹni tó ni ín ni?”

“Sà, báwo ni mo ṣe wá fẹ́ tẹ ohun tí mi ò rí rí?”

Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. “Kí wá ni mo ti ń kọ́ ẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ yìí?”

Ìdájí ọjọ́ iṣẹ́ kan ni ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ohùn ìyá náà kò gbọ̀n. Ó ní, “Ọ̀gá ẹ ti sùn o. Wọ́n ní kí a má gbé àwọn lọ sí mọ́ṣúárì. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe sin bàbá àwọn ni kí a sin àwọn.” Bàbá wọn, Mùsùlùmí ni, ọjọ́ tó kú náà ni wọ́n sin ín. Bàbá Àlàájì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbé àbúrò òun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú pósí bí àwa Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń ṣe, ó kàn ní kí wọ́n ti bò ó kí àkókò ìrun Alaasari ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ tó wọlé.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Mo sunkún ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Bẹẹrẹ, n kò bò ó. Àwọn akọrin tó rí àyè wá kò pọ̀, ẹlòmíì wà lórí àtẹ l'Ọ́jà'ba, ẹlòmíì wà nídìí mọ́tò ní Mọ́lété. Bí mo ṣe wọlé ni ìyá fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá. Bàbá Àlàájì dúró tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ìyá aránṣọ, ṣé ẹ ti lu orin yìí rí?” ló bi mí.

“Rárá, sà.”

“Ẹlòmíì ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí, sà. Wọn ò jẹ́ ká gbọ́ ọ.”

Ó mi orí. “Ẹ gbọ́ o. Mi ò bá orin yín jà. Ṣùgbọ́n tó bá já lójú ọ̀nà, màá ní kí wọ́n gbé àbúrò mi máa lọ láìsí orin kankan. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, wọ́n ń sín ìrìn ẹ̀ jẹ títí tó fi dàgbà. Wọn ò ní fi òkú ẹ̀ kọ́ṣẹ́ lójú mi.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì yé mi. Olórí akọrin wa, ọkùnrin kan tó máa ń fi ìkánjú ṣe nǹkan gbogbo, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká fi orin tí a mọ̀ gbé wọn jáde. Ta ló máa mọ̀?”

“Ẹni tó wà nínú pósí máa mọ̀,” ni mo fi dá a lóhùn, mo sì lọ jókòó.

Àlùfáà ka ìwé, ó ṣe ìwàásù ṣókí, ó gbàdúrà. Nígbà tó ń ṣe gbogbo èyí ni mo yọ ìwé náà nínú ọ̀rá. Mo kó ọwọ́ lé itan. Ojú mi kún fún omi, ìlà márùn-ún di ìlà mẹ́wàá. Mo nu ojú. Mo ní, níbo ni dò ń gbé?

Fúláàtì mẹ́ta. Èyí tó kẹ́yìn wà lórí lẹ́tà A, ìyẹn ni fà. Mo kà á wálẹ̀, dò bọ́ sórí E fúláàtì. Mo ṣí i dé ìparí. Nóòtì ìsàlẹ̀ tó gbẹ̀yìn wà lórí C. Là ló ti ilẹ̀kùn. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, òkú la fẹ́ gbé. Ṣùgbọ́n àmì kékeré kan wà nínú ìdìpọ̀ nóòtì tó parí orin náà, níwájú E: nàṣúrà, tó ń yọ fúláàtì kúrò lára ẹ̀. Bí èèyàn bá fojú fò ó, orin náà á parí sínú ìbànújẹ́ tó ti bá bọ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ bí bàbá ṣe kọ ọ́, ojú orin á là lójijì. Mo fi pẹ́ńsùlù yí i po.

Ìlù mélòó? Mẹ́ta lórí mẹ́rin. Mo tún un wò. Mẹ́ta? Orin tí wọ́n fi ń gbé òkú, mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tó fẹ́ gbé pósí ti gbé òkú jáde lọ́pọ̀ ìgbà, mẹ́rin ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Tí mo bá kàn bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á kọ́ ara wọn. Pósí á sì yẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n.

Kòtò dà? Mo wo ọwọ́ òsì, mo rí i pé nǹkan kan náà ló ń ṣe láti iyàrá àkọ́kọ́: nóòtì kan tó wúwo nísàlẹ̀, méjì tí wọ́n fi ìlà so pọ̀ kí wọ́n lè máa wọ́, lẹ́yìn náà ọ̀kan kúkúrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú iyàrá tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni títí. Ara mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí bí mo bá mú ọ̀kan, mo ti mú gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní ló ti dúdú. Níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń gòkè, àmì nàṣúrà ń yọjú lórí B, nóòtì ń ki mọ́ra wọn. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí itan lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́jẹ́ ni mo lè gbà á, nítorí náà jẹ́jẹ́ ni mo máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti gòkè tán pátápátá, iyàrá méjì wà tó ṣófo. Ìsinmi ni nínú ọwọ́ méjèèjì. Lókè èkejì, ó ya àmì tó dà bí ojú, tó ń sọ pé kí n dúró títí ara mi yóò fi gbà pé ó tó. Ibẹ̀ gan-an ni ewé kìíní parí sí. Ó fún mi láyè láti ṣí ìwé! Mo wò ó, mo ní, bàbá yìí, ẹ ṣeun. Ìdí tó fi wá fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín orin tí wọ́n fi ń gbé èèyàn jáde, kò yé mi.

Àlùfáà ti ṣe àmín. Wọ́n ń retí mi. Olórí akọrin bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi: “Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, tẹ́ ẹ bá dé ibi tó le, ẹ fò ó!”

“Ẹ dákẹ́ kí n ríran!”

Ó ṣeé ṣe kí ohùn mi ti le jù, àwọn tó wà níwájú gbọ́. Mo dìde, mo rìn lọ bá àwọn agbépósí níwájú gbogbo ìjọ. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mẹ́ta ni orin yìí, kì í ṣe mẹ́rin. Ibi tó bá ti wúwo ni kẹ́ ẹ ti gbé ẹsẹ̀, ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ wá dúró de òmíràn. Tí dùrù bá dákẹ́, ẹ dúró, ẹ má gbé wọn kalẹ̀. Ó máa tún bẹ̀rẹ̀.” Àgbà tó wà níwájú wọn ní, “A ti gbọ́.” Mo padà. Ẹnìkan ń kùn lẹ́yìn pé ṣé ìpàdé la wá ṣe ni. Mo jókòó, mo tún kó ọwọ́ lé itan, mo ka iyàrá kan tó ṣófo nínú ọkàn mi, mo bẹ̀rẹ̀.

Iyàrá àkọ́kọ́ rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó ń tì mí pé kí n yára. N kò yára. Àwọn ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ síbi tó wúwo, wọ́n dúró, wọ́n tún gbé e. Wọ́n ń bọ̀ láàárín ìjókòó, pósí kò yẹ̀. Mo ṣi nóòtì kan ní ọwọ́ ọ̀tún, mo fi í sílẹ̀ lọ bó ṣe kọ́ mi. Mo dé ibi tó dúdú, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà níbẹ̀, mo gun un tán. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ìdákẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń fẹ́ dùrù, kó má baà pàdánù atẹ́gùn tó wà nínú rẹ̀. Ìró awọ ògbólógbòó tó ń fa atẹ́gùn nínú rẹ̀ nìkan ló ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wọlé, ó ń jáde. Àwọn agbépósí dúró. Mo ṣí ìwé. Mo ń ka ìlù.

Olórí akọrin rò pé ó ti já. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀. Ó jáde sí àárín ọ̀nà, ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọkùnrin náà pé kí wọ́n máa gbé e lọ, bí ẹ̀gbọ́n òkú ṣe pàṣẹ. Ìyàwó ọ̀gá mi ké, “Yéè!” N kò lè sọ̀rọ̀, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ó tó tó, nítorí ojú tó yà sí òkè iyàrá yẹn ń wò mí.

Ohùn Bàbá Àlàájì ló dún. Kò pariwo rárá.

“Ẹ dúró dè é. Ó ń mí ni.”

Olórí akọrin yíjú sí i, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ibẹ̀ ló ti máa ń dúró,” ni bàbá náà wí. “Ibi ògiri yẹn ni. Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ̀pá ẹ̀ látàárọ̀ ni?”

Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ òsì mi ti ń tẹ̀ bọ̀. Nóòtì tó wúwo, méjì tó ń wọ́, ọ̀kan kúkúrú. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo ti mú un láìṣì í, n kò mọ̀ pé èèyàn ló ń rìn níbẹ̀. Bàbá Àlàájì ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó gbé ọwọ́ lé e, ó dúró tì í bó ṣe máa ń dúró tì í níbi ògiri láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

N kò ka ìlù mọ́. Mo ń wo bàbá náà. Nígbà tó fi orí jùwe sí mi pé ó tó, mo bẹ̀rẹ̀ ojú ewé kejì, wọ́n gbé ẹsẹ̀, òun náà sì gbé ẹsẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ó sin ín kọjá ìdajì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí mo kan ibi tí mo fi pẹ́ńsùlù yí po. Ìka mi fẹ́ bọ́ sórí fúláàtì, ó ti mọ́ ọn lára láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fà á kúrò níbẹ̀, mo tẹ nàṣúrà. Mo fi ẹsẹ̀ fẹ́ dùrù náà títí tí n kò fi rí fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ní ìta, kí n tó wá kó ọwọ́ lé itan.